Èèkàn ni àbí férémù kọ́kọ́rọ́?

Fúnmi:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń kọ ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ nínú fídíò kékeré kan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àwòrán tó ń rìn: àpótí kan máa já sílẹ̀, á sì ta sókè. Ohun tí wọ́n kọ sójú ẹ̀rọ ní Keyframe, mo pè é ní "férémù kọ́kọ́rọ́". Graph Editor, mo pè é ní "pátákó ipa-ọ̀nà". Ṣé àwọn orúkọ yìí á yé ẹni tí kò rí i rí?

Àkànjí:
Fúnmi, kọ́kọ́rọ́ kọ́ o. Ilẹ̀kùn la fi ń ṣí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á máa wá ohun tí férémù yẹn fẹ́ ṣí. Nígbà tí wọ́n ń fi ọwọ́ ya àwòrán tó ń rìn, ọ̀gá ló ń ya àwọn àwòrán tó ṣe kókó, àwọn ọmọ iṣẹ́ á wá ya èyí tó wà láàárín. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá, nítorí náà "àwòrán olórí" ni kó o pè é.

Èmi tó jẹ́ pé fídíò ni mò ń gé, ohun tí à ń pè ní Keyframe lọ́dọ̀ wa ni férémù tó gbé àwòrán rẹ̀ dání lódindi. Àwọn tó tẹ̀ lé e, kìkì ohun tó yí padà ni wọ́n ń gbé. O ò ṣe kúkú lo "àwòrán kíkún", kó kárí gbogbo wa?

Àlàó:
Àkànjí, òótọ́ ni ìtàn àwọn ayàwòrán yẹn. Àmọ́ tìrẹ nínú fídíò, orúkọ ló fi jọ ti Fúnmi, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Kò sí àwòrán kankan nínú èyí tí Fúnmi ń bi wá. Z ló ń sọ bí nǹkan ṣe ga tó. Tó bá gbé àpótí rẹ̀ sí Z 5 ní férémù 1, tó sì tẹ bọ́tìnnì I, nọ́ńbà ni ẹ̀rọ ń tọ́jú: "ní àkókò yìí, Z jẹ́ 5." Ó lè tọ́jú ti Z nìkan, kí ó má tọ́jú ohunkóhun fún X àti Y ní férémù kan náà. Tí a bá pè é ní àwòrán, tàbí ní férémù pàápàá, akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé gbogbo ohun tó wà lójú ẹ̀rọ la gbà sílẹ̀.

Èèkàn ni èmi ń pè é fún àwọn tí mò ń kọ́. Na okùn láti ara èèkàn kan dé èkejì: ibi tí èèkàn wà, okùn ò lè yẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ lè tẹ̀ bó ṣe wù ú. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí gan-an nìyẹn. Ohun tó tún dùn mọ́ mi ni pé a ti ń pe ẹni tó ṣe kókó láwùjọ ní èèkàn, nítorí náà "olórí" tí Àkànjí ń wá ti wà nínú rẹ̀.

"Ipa-ọ̀nà" ló ń já mi láyà jù. Ìlà tó wà nínú Graph Editor kì í ṣe ọ̀nà tí àpótí gbà. Láti òsì sí ọ̀tún, àkókò ni. Láti ìsàlẹ̀ sókè, iye Z ni. Àpótí Fúnmi ń lọ sókè sódò lójú kan náà, síbẹ̀ ìlà rẹ̀ ń lọ sí ọ̀tún. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fa ìlà náà sí ọ̀tún, tó ń retí pé kí àpótí sún, tó sì bínú nígbà tí kò sún. Ohun tó ṣe ni pé ó sọ àkókò di púpọ̀, àpótí wá ń já bí ìyẹ́.

Ṣadé:
Èèkàn wọ̀ mí lọ́kàn, Ẹ̀gbọ́n Àlàó. Ó tiẹ̀ fún wa ní ọ̀rọ̀ ìṣe: ẹ jẹ́ ká máa sọ pé "kan èèkàn". Ohun tó yọ mí lẹ́nu nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Màá lọ sí férémù 23, màá gbé àpótí wálẹ̀, màá gbàgbé I. Bí mo bá ti kúrò ní férémù yẹn, àpótí á fò padà síbi tó wà. Ó tó ọjọ́ méjì tí mo fi rò pé ẹ̀rọ mi ló bàjẹ́. Mi ò tíì kan èèkàn ni.

Àmọ́ Fúnmi, má fi gíráàfù dẹ́rù ba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kó yan èèkàn ibi tí àpótí ti kan ilẹ̀, kó tẹ V, kó mú Vector. Ó parí.

Àlàó:
Ìdajì ọ̀nà nìyẹn, Ṣadé. Lóòótọ́, tí a ò bá fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ̀rọ á mú kí ìlà tẹ́ pẹrẹsẹ níbi èèkàn kọ̀ọ̀kan. Àpótí á wá dẹwọ́ eré kó tó kan ilẹ̀, bí ẹni pé orí ìrọ̀rí ló já sí. Vector mú ìyẹn kúrò, ìlà á sì ṣe ṣóńṣó nísàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kékeré tó yọ lára èèkàn náà, èyí tó ń darí bí ìlà ṣe ń tẹ̀. Vector máa ń na apá yìí tààrà sí èèkàn tó kàn, ìyẹn ni pé eré tí àpótí fi kan ilẹ̀ á dọ́gba pẹ̀lú eré tó bá sá ní ìdọ́gba láti òkè. Ohun tó bá já láti ojú ìdúró kì í ṣe bẹ́ẹ̀: eré rẹ̀ nígbà tó bá kanlẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ìdọ́gba náà. Ìdí nìyẹn tí àpótí Vector fi máa ń dà bí ẹni tí wọ́n fi okùn sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ti Fúnmi wò ó. Àpótí náà ga ní mítà 2, àárín rẹ̀ la sì ń wọ̀n, nítorí náà Z 1 ni tó bá jókòó sílẹ̀. Láti Z 5, mítà 4 ló máa já. Bí ayé ṣe ń fa nǹkan, ìyẹn gba bíi férémù 22 tí ìṣẹ́jú àáyá kan bá jẹ́ 24. Èèkàn àkọ́kọ́ ní 1, èkejì ní 23. Kí ó wá mú orí apá òsì èèkàn kejì, kó fà á sókè títí á fi dé nǹkan bíi férémù 16, Z 3.67: ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò, ìdá méjì nínú mẹ́ta gíga. Ibẹ̀ ni ìwúwo á ti wọ inú àpótí.

Kí ó rí i pé apá méjèèjì wà ní Free. Tí wọ́n bá ṣì wà lórí ìlà kan náà, bó ṣe ń gbé ti òsì sókè ni ti ọ̀tún á máa wọlẹ̀, àpótí á sì rì lẹ́yìn tó bá kanlẹ̀ tán.

Àkànjí:
Mo gba èèkàn. Àmọ́ "apá" ò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí a ń dì mú, ọwọ́ là ń pè é, bí ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Ṣadé:
Ẹ̀gbọ́n Àlàó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á wò. Òtítọ́ lẹ sọ. Àkànjí, tó bá jẹ́ ọwọ́, ẹni tó ń gbọ́ "gbé ọwọ́ sókè" á gbé ọwọ́ ara rẹ̀ kúrò lórí máòsì. Apá ni tèmi.

Fúnmi:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti yí i padà báyìí:

"Gbé àpótí sí Z 5. Tẹ I: o ti kan èèkàn àkọ́kọ́. Lọ sí férémù 23, gbé e sí Z 1, tẹ I kó o tó kúrò níbẹ̀. Ní 34, Z 2, kan òmíràn. Gíga tó ta sí jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ti àkọ́kọ́, nítorí náà ìdajì àkókò ló gbà. Ní báyìí ṣí Graph Editor. Ìlà tó o rí yìí kì í ṣe ọ̀nà tí àpótí gbà. Ó ń sọ bí Z ṣe tó ní àkókò kọ̀ọ̀kan."

Mo ṣì ń lo "apá" fún ìgbà díẹ̀ ná. Ti Graph Editor ni mi ò tíì rí. "Ojú gíráàfù" ni mo kọ, torí wọ́n ti ń lo gíráàfù nínú ìṣirò, àmọ́ kò sọ pé èèyàn lè tún nǹkan ṣe níbẹ̀.

Àlàó:
Fi "ojú gíráàfù" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ti férémù 34, fi kún un pé kí wọ́n fa apá ọ̀tún èèkàn ilẹ̀ náà dé férémù 27, Z bíi 1.67. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò já dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní ta.