Owó tó fara ti ọ̀tún: kí la ó máa pè é?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta oúnjẹ ní Ẹ̀pẹ́ tẹ ìwé iye owó tí yóò lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká mú kí àwọn owó yìí dọ́gba." Ó wò mí lójú, ó ní, "Owó ẹ̀bà àti owó ẹja àrọ̀ dọ́gba? Ṣé o fẹ́ kí n jẹ gbèsè ni?" Ọ̀rọ̀ wo ni ǹ bá lò?

Tíṣà Ìkòròdú:
"Dọ́gba" kò burú, kò kàn tíì délé ni. Sọ pé kí ìbẹ̀rẹ̀ wọn dọ́gba. Bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn: gbogbo ìlà á bẹ̀rẹ̀ láti ibi kan náà lápá òsì, ìwé á sì gún régé. Mo dábàá "ìdọ́gba-ìbẹ̀rẹ̀". Ní ti àkọlé, "àtẹ iye owó" ni kó kọ.

Bàbá Atẹ̀wé:
Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín bá orúkọ oúnjẹ mu, kò bá owó mu. Òsì la ti ń ka orúkọ. Owó ńkọ́? Ẹyọ níláti wà lábẹ́ ẹyọ, ọgọ́rùn-ún lábẹ́ ọgọ́rùn-ún, bí ẹ̀yin náà ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìròpọ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ 300 àti 2,500 láti ibi kan náà, 3 á bọ́ sábẹ́ 2, ẹni tí ebi ń pa tó sì ń sáré wo ògiri lè rò pé 300 ló wọ́n jù. Ìparí wọn ló yẹ kó dọ́gba.

Mo ti fọwọ́ to lẹ́tà òjé tí a fi ń tẹ̀wé rí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Nínú òjé, ìbú kan náà ni wọ́n sábà máa ń fi rọ nọ́ńbà láti 0 dé 9, nítorí irú iṣẹ́ báyìí. Lórí kọ̀ǹpútà, irú lẹ́tà kan wà tí 1 rẹ̀ tín-ín-rín ju 8 lọ. Ẹ tẹ 1111, kí ẹ tẹ 8888 sábẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì, ẹ wá irú lẹ́tà mìíràn.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni pé kí owó fẹ̀yìn ti ọ̀tún, bí ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "ìfẹ̀yìntì".

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Bàbá, ẹ dákun! Bí mo bá lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé owó rẹ̀ ti fẹ̀yìntì, ó tán nìyẹn. Á ní mo ti lé owó kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun mìíràn tún wà. Àlàfo ni mo fi ti àwọn owó náà lọ sí ọ̀tún, mò ń tẹ àlàfo títí wọ́n fi tò. Ó dára lójú kọ̀ǹpútà mi. Nígbà tí ìwé jáde ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ó rí gán-ún-gàn-ún bí eyín ayùn.

Bàbá Atẹ̀wé:
Háà, àlàfo! Irú lẹ́tà tí wọ́n ní níbẹ̀ kì í ṣe tìrẹ, ìbú lẹ́tà yàtọ̀, ìbú àlàfo náà yàtọ̀. Gbogbo ohun tí o fi ojú wọ̀n ti yí padà. Àlàfo kì í di nǹkan mú, ó kàn ń ti nǹkan síwájú ni. Nínú Word, tẹ orúkọ oúnjẹ, tẹ `Tab` lẹ́ẹ̀kan péré, kí o tẹ owó. Wá ṣí àpótí `Tabs`, fi iye sẹ̀ǹtímítà sí i, mú `Right`, kí o sì mú `2 .....` kí tóótòòtó lè so orúkọ mọ́ owó. Irú lẹ́tà ìbáà yí padà, owó kò ní kúrò níbi tí o fi í sí.

Má sì tì í dé etí ìwé o. Bí orúkọ tó gùn jù bá parí ní sẹ̀ǹtímítà 6, fi owó sí 9. Bí ó bá jìnnà jù, ojú oníbàárà á bọ́ sórí ìlà kejì, á sanwó fùfú fún iyán, ìjà dé. Àmì náírà, ẹ̀ẹ̀kan lókè tó.

```
ÒKÈLÈ                ₦
Ẹ̀bà ............   300
Fùfú ...........   300
Iyán ...........   700

ẸJA
Èpìyà .......... 1,500
Àrọ̀ ............ 2,500
```

Ní ti ọ̀rọ̀, mo gbà, ìfẹ̀yìntì ti ní oníǹkan. "Fara ti ọ̀tún" ńkọ́?

Ìyá Àgbádárìgì:
Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi kì í kọ owó sára ògiri. Gàárì gbówó lórí ní Mọ́ńdè, ó tún gbé e ní Tọ́sìdeè, ta ló fẹ́ máa tẹ ìwé kiri? Ẹ sọ fún un kó fi owó rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kó má dọ́gba.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Mà, kì í ṣe iye rẹ̀ là ń sọ, bó ṣe tò lórí ìwé ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín ràn mí lọ́wọ́: mo lè tẹ orúkọ nìkan sórí pátákó dúdú, kí n fa ìlà kan sílẹ̀ lápá ọ̀tún, kí ẹ̀gbọ́n mi fi ṣọ́ọ̀kì kọ owó kó kángun sí ìlà náà.

Ìyá Àgbádárìgì:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àtẹ tí Tíṣà sì ń wí yẹn, àtẹ ata ni èmi mọ̀. Ẹni tó ń ta oúnjẹ gbígbóná kò pàtẹ. Kí ẹ sì kó ẹja sójú kan, òkèlè sójú kan, bí ìsọ̀ ọjà. Ìsọ̀ ẹlẹ́ja, ìsọ̀ aláta.

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè:
Mo fara mọ́ "fara ti ọ̀tún" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí a bá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, "ìfaratọ̀tún" ni, èkejì rẹ̀ á sì jẹ́ "ìfaratòsì". Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gé e kù sí "ìfaratì" o, ìyẹn ti ń sọ nípa ẹni tó gbójú lé ẹlòmíràn. Ti àárín ni mi ò tíì rí. "Ìfaratàárín" kò bójú mu, ohun tó wà láàárín kò fara ti ibì kankan.

Ní ti "ìsọ̀", ó dùn gan-an, ṣùgbọ́n "ìsọ̀rí" ti wà nínú ìwé.

Tíṣà Ìkòròdú:
Mo gbà nípa owó, ìparí ló yẹ kó dọ́gba. Mi ò gbà nípa àtẹ. Nínú ìṣirò, àtẹ lohun tó ní ìlà àti òpó, ìwé yìí sì ní méjèèjì. "Ìsọ̀rí" náà ni kó kọ.

Ìyá Àgbádárìgì:
Nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. Orí ògiri búkà ni wọ́n ń lẹ èyí mọ́.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀ yìí pé, "Owó á fara ti ọ̀tún." Ó ní, "Ó yé mi, bíi báǹkì." Àkọlé, "Oúnjẹ àti Owó Rẹ̀" ló ní kí n kọ, kò dá sí ìjà àtẹ.

Ohun tó wá kù ni ìkọ́kọrẹ́. Mo fi sábẹ́ òkèlè, ó ní a kì í fi ìkọ́kọrẹ́ bu ọbẹ̀. Mo gbé e lọ sábẹ́ ọbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìsọ̀ wo ni kí n fi í sí?

Tíṣà Ìkòròdú:
Sábẹ́ àsáró.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Kì í ta àsáró, sà.