Ìlà pupa gba ojú mi: bí mo ṣe fẹ́ dá ẹni tí wọ́n ń yọ lẹ́nu lẹ́bi nínú Wireshark

Bísọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Olùkọ́ wa fún wa ní fáìlì kan nínú láàbù ìdánrawò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Pákẹ́ẹ̀tì 2,007 ló wà nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà méjì péré ló sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: 192.168.56.101 àti 192.168.56.102. Ó ní ká sọ èyí tó ń ṣe ohun ìfura nínú wọn, ká sì sọ ohun tá a fi mọ̀.

Bí mo ṣe ṣí i ni pupa gba ojú mi. Ìlà aláwọ̀ eérú, ìlà pupa, eérú, pupa, láti òkè délẹ̀. Mo tẹ ọ̀kan nínú àwọn pupa, .102 ló fi í ránṣẹ́. Mo tẹ òmíràn, .102 náà ni. Mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé .102 lọ̀daràn. Olùkọ́ wo ìdáhùn mi, wọ́n ní kí n gbàgbé àwọ̀, kí n ka ìlà méjì péré tó tẹ̀ léra:

```
192.168.56.101  192.168.56.102  TCP  41822 → 3306 [SYN] Seq=0 Win=1024 Len=0 MSS=1460
192.168.56.102  192.168.56.101  TCP  3306 → 41822 [RST, ACK] Seq=1 Ack=1 Win=0 Len=0
```

Ibẹ̀ ló ti yé mi. .101 ló fi SYN kan ilẹ̀kùn 3306, ìyẹn pọ́ọ̀tù 3306, .102 sì fi RST dá a lóhùn pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Èsì ẹni tí wọ́n ń yọ lẹ́nu ni mo ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀. Gbogbo RST ni Wireshark máa ń kùn ní pupa, ẹni yòówù kó fi í ránṣẹ́.

Mo wá fi asẹ́ yìí sẹ́ ẹ, kí n lè rí kìkì ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn:

```
tcp.flags.syn == 1 && tcp.flags.ack == 0
```

Ìlà 1,000 ló kù, ọ̀dọ̀ .101 ni gbogbo wọn ti wá, kò sì tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Pọ́ọ̀tù tó ti ń jáde kò yí padà, 41822 ni. Èyí tó ń kàn ló ń yí: 3306, 110, 443, 25, 8080, kò kan ìkankan lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo yí ACK inú asẹ́ náà sí 1, ìlà mẹ́ta péré ló jáde, láti pọ́ọ̀tù 22, 80 àti 445. Àwọn yẹn ló ṣí. Kàkà kí .101 sì wọlé, RST ló fi dá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lóhùn. Ó fẹ́ mọ̀ pé ilẹ̀kùn ṣí ni, kò ní nǹkan kan láti sọ.

Mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Pọ́ọ̀tù 997 tó tì, pákẹ́ẹ̀tì méjì-méjì, 1,994. Mẹ́ta tó ṣí, mẹ́ta-mẹ́ta, 9. Ìyẹn 2,003. Mẹ́rin tó kù, ARP ni. Kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Inú mi dùn gan-an nígbà tó bára mu. Kí ni ti yín ṣe rí?

Kúnlé

Èmi kì í ṣe gbogbo ìṣirò yẹn. Win=1024 tó wà nínú ìlà àkọ́kọ́ yẹn ti tó. Tí mo bá ti rí i, `nmap` ni wọ́n fi ń wá pọ́ọ̀tù tó ṣí, mo ti parí iṣẹ́. Tí mi ò bá sì rí i, ara mi balẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Bísọ́lá ọmọ mi, o ṣeun tó o kọ èyí. Tèmi lòdì sí tìẹ. Mo rí SYN tó lé ní 4,000 láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà kan, RST sì ń tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá pé wọ́n ń wá ojú pọ́ọ̀tù wa kiri. Ọ̀gá ní kí n lọ sí `Statistics`, kí n ṣí `Conversations`, kí n to abala TCP nípa `Port B`. 5432 ni láti òkè délẹ̀! Pọ́ọ̀tù tó ti ń jáde ló ń yí, èyí tó ń kàn kò kúrò lójú kan. Ètò kan ló ń wá àpamọ́ dátà tí wọ́n ti pa, wọ́n ń lé e, ó ń padà wá. Látìgbà náà, n kì í ka iye SYN mọ́. Iye pọ́ọ̀tù tí wọ́n kàn ni mò ń kà.

Ọlámidé

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fi Wireshark yìí mọ pọ́ọ̀tù tó ṣí lórí kọ̀ǹpútà tèmi?

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi

Ọlámidé, ohun tó ń kọjá nìkan ni Wireshark ń rí. Pọ́ọ̀tù tó ṣí tẹ́nikẹ́ni ò kàn, kò ní hàn níbẹ̀. Tí Linux lo bá ń lò, tẹ `ss -tln`.

Kúnlé, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ, ṣùgbọ́n apá kan ni. Nígbà tí `nmap` bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe SYN, ìyẹn `-sS`, wàá rí 1024 yẹn. Tí ẹni náà bá lo `-sT`, kọ̀ǹpútà rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe SYN, á sì jọ ti ẹni tó fẹ́ ṣí ojú ewé lásán. Pọ́ọ̀tù tó ti ń jáde á máa yí, pọ́ọ̀tù tó ṣí á sì gba ACK kí wọ́n tó já a. Ara rẹ á balẹ̀ lórí irú fáìlì yẹn, wọ́n á sì ti kàn gbogbo ilẹ̀kùn tán.

Bísọ́lá, ohun kan ṣì kù. Tí ògiri ààbò .102 bá ń gbé SYN mì láìfèsì, o ò ní rí pupa kankan. Eérú nìkan ni, wọ́n á sì máa kan ilẹ̀kùn kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí pé wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó wo irú fáìlì bẹ́ẹ̀, tó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, nítorí pé pupa ló ń wá.

Kúnlé

Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Pọ́ọ̀tù mélòó wá ni ká rí ká tó pariwo?

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi

Mi ò ní iye kan tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Ẹni tó bá fi `-T1` dẹ `nmap` lẹ́sẹ̀ máa ń dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 kó tó kan òmíràn. Pọ́ọ̀tù 1,000 á gbà á ju wákàtí mẹ́rin lọ. Tí fáìlì rẹ kò bá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, nǹkan bí 40 lo máa rí. Tó o bá ní 100 ló yẹ kó o fi pariwo, ó ti lọ.

Ìyá Ìbejì

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ètò tó ń ṣọ́ sáfà wa náà ń kan pọ́ọ̀tù mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ó ń lọ déédéé bí aago. Mẹ́fà kan náà ló ń padà sí, wọ́n sì máa ń ṣí. Mo rò pé ìyẹn ló fi yàtọ̀.

Bísọ́lá

Mo ti padà sí fáìlì kejì tí wọ́n fún wa. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, SYN 38, àlàfo ìṣẹ́jú-àáyá 15 láàárín wọn, pọ́ọ̀tù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo rẹ̀, 36 ló tì. Mo ti kọ .101 sílẹ̀. Kúnlé ní 38 kéré, mi ò tíì pa á rẹ́.