Àṣẹ ni àbí ìyọ̀ǹda? Orúkọ fún sitándíǹ ọ́dà àti dáírẹ́ẹ̀tì débíìtì

Ògbufọ̀, Mańṣẹ́sítà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún àwọn ayálégbé tó gbọ́ Yorùbá níbí. «Ìsanwó aládàáṣe» ni mo kọ fún sitándíǹ ọ́dà, òun náà ni mo sì kọ fún dáírẹ́ẹ̀tì débíìtì, torí owó ń jáde fúnra rẹ̀ nínú méjèèjì. Ṣé ó burú bí orúkọ kan bá sin àwọn méjèèjì?

Òṣìṣẹ́ báǹkì tẹ́lẹ̀, Lọ́ńdọ̀n:
Ó burú, torí ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń ṣòfò. Ẹni tó ni àkáǹtì ló ń ṣe sitándíǹ ọ́dà. Òun ló máa sọ fún báǹkì rẹ̀ pé kí wọ́n fi iye báyìí ránṣẹ́ sí lágbájá lọ́jọ́ báyìí, lóṣooṣù, títí di ọjọ́ tí òun bá dá. Lágbájá ò lè yí nǹkan kan padà níbẹ̀. Ní ti dáírẹ́ẹ̀tì débíìtì, ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbowó ló máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ báǹkì yín, ẹ̀yin kàn ti fún un láyè tẹ́lẹ̀ ni. Iye lè yí padà, ọjọ́ lè yí padà, ẹ ò sì ní tẹ nǹkan kan.

Mo dá «àṣẹ ìfowóránṣẹ́» lábàá fún ti àkọ́kọ́, kí èkejì jẹ́ «ìyọ̀ǹda ìyọwó». Ẹ̀yin lẹ pàṣẹ nínú ọ̀kan, ẹ yọ̀ǹda nínú èkejì.

Olùkọ́ èdè, Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Àmọ́ ó dà bíi pé iye owó ni ìyàtọ̀ wọn. Ọ̀kan dúró sójú kan, èkejì ń lọ sókè sódò. Kí ló dé tí a ò pè wọ́n ní «ìsanwó oníye-kan» àti «ìsanwó aláyípadà»? Ọmọléèwé máa tètè lóye ìyẹn.

Òṣìṣẹ́ báǹkì tẹ́lẹ̀, Lọ́ńdọ̀n:
Ẹ sún mọ́ ọn, olùkọ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà máa ṣini lọ́nà. Owó orí ilé tí kánsù ń gbà níbí sábà máa ń jẹ́ iye kan náà lóṣù mẹ́wàá tẹ̀léra, dáírẹ́ẹ̀tì débíìtì sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń san án. Ilé-iṣẹ́ iná àti gáàsì náà máa ń ṣírò ohun tí ẹ lè lò lọ́dún kan, wọ́n á pín in sí méjìlá, wọ́n á sì máa gba iye kan náà lóṣooṣù títí wọ́n á fi tún un ṣírò. Nígbà tí wọ́n bá sọ pọ́n-ùn 96 di 140, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé sí yín. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ṣáájú ni ó sábà máa ń jẹ́. Àyè tí ẹ ní láti ka nọ́ńbà mítà yín kí ẹ sì jà nìyẹn.

Bí wọ́n bá gba iye tí kò tọ́, tàbí tí wọ́n gbà á ṣáájú ọjọ́, báǹkì yín gan-an ló máa dá gbogbo rẹ̀ padà fún yín lójú ẹsẹ̀, kò ní ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá ilé-iṣẹ́ náà rojọ́. Bó bá wá hàn pé owó náà tọ́ sí wọn, wọ́n á tún béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Sitándíǹ ọ́dà kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ṣi nọ́ńbà àkáǹtì onílé tẹ̀, báǹkì lè gbìyànjú láti gbà á padà, kò sì dájú.

Ìyá Ìbejì, Pékàm:
Ẹ kú ìjíròrò o. Ọ̀rọ̀ orúkọ kọ́ ló gbé mi wá. Onílé mi fi owó kún owó ilé láti oṣù karùn-ún, ó kúrò ní pọ́n-ùn 1,150 ó di 1,225. Ó kọ lẹ́tà, mo gbà. Ìgbà tó di oṣù kẹsàn-án ló ní mo jẹ òun ní pọ́n-ùn 375. Ṣé báǹkì kọ́ ló yẹ kó ti mú owó tuntun náà? Ta ni mo máa fẹjọ́ sùn?

Òṣìṣẹ́ báǹkì tẹ́lẹ̀, Lọ́ńdọ̀n:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Báǹkì ò ṣẹ̀, onílé náà ò sì purọ́. Àṣẹ tí ẹ pa ní 1,150 ni wọ́n ń tẹ̀ lé, owó sì ń dín ní pọ́n-ùn 75 lóṣù kọ̀ọ̀kan fún oṣù márùn-ún. Àwọn onílé aládàáni kì í sábà lè gba dáírẹ́ẹ̀tì débíìtì, torí báǹkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbowó bẹ́ẹ̀, àyàfi bí ó bá gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ míì. Ìdí nìyẹn tí owó ilé fi máa ń wà lórí sitándíǹ ọ́dà.

Ẹ fi 375 ránṣẹ́ lọ́tọ̀, kí ẹ kọ orúkọ tí ẹ máa ń kọ sí owó ilé sí i kó lè mọ ohun tó wà fún. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àṣẹ àtijọ́ nínú áàpù báǹkì yín, kí ẹ yí iye rẹ̀ sí 1,225. Ẹ má ṣe dá tuntun sílẹ̀ láìfagi lé ti àtijọ́ o, torí àwọn méjèèjì máa jáde lọ́jọ́ kan náà: pọ́n-ùn 2,375.

Ìyá Ìbejì, Pékàm:
Ọlọ́run á san yín lóore. Ti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ńkọ́? Sitándíǹ ọ́dà lèmi fi ń san án, ilé-ìwé yìí ò sì ní pẹ́ parí fún wọn.

Òṣìṣẹ́ báǹkì tẹ́lẹ̀, Lọ́ńdọ̀n:
Ẹ lọ wò ó bóyá ẹ dá ọjọ́ ìparí fún un. Bí kò bá sí, owó á máa lọ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti kúrò. Ká ní dáírẹ́ẹ̀tì débíìtì ni, ilé-ìwé ló yẹ kó dáwọ́ dúró, ẹ̀yin náà sì lè sọ fún báǹkì kó fagi lé e. Àmọ́ bí gbèsè bá wà nílẹ̀, fífagi lé e nìkan ò pa gbèsè rẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ bá ilé-ìwé sọ̀rọ̀ pẹ̀lú.

Olùkọ́ èdè, Ìbàdàn:
Ó wá yé mi. Alájọ tó ń tọ ìyálọ́jà lọ sí ìsọ̀ fúnra rẹ̀ ni dáírẹ́ẹ̀tì débíìtì jọ. Nígbà náà, «ìyọwó» ò dáa tó. Lẹ́nu àwa èèyàn, ẹni tó ni owó ló ń lọ yọwó ní báǹkì. «Ìyọ̀ǹda ìgbowó» ni mo fara mọ́, torí ẹni tó ń gbowó ló hàn níbẹ̀.

Oníṣòwò, Èkó:
Ẹ̀yin ará, agbowó-orí ni «ìgbowó» ń rán èmi létí, kò sì dà bí ohun tí èèyàn fínnúfíndọ̀ gbà. Ẹ tún rántí Nàìjíríà. Lọ́dún 2020, Báǹkì Àpapọ̀ gbé ètò GSI jáde, ìyẹn Global Standing Instruction. Bí o bá yáwó tí o ò san án nígbà tó yẹ, báǹkì tó yá ọ lówó lè gba owó rẹ̀ nínú àkáǹtì rẹ ní àwọn báǹkì míì tó wà lábẹ́ BVN rẹ. «Sitándíǹ» wà nínú orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ ẹni tí a jẹ ní gbèsè ló ń fa owó. Bí a bá pe sitándíǹ ọ́dà ní «àṣẹ», kí la ó wá pe ìyẹn?

Òṣìṣẹ́ báǹkì tẹ́lẹ̀, Lọ́ńdọ̀n:
Ìbéèrè gidi ni. Ìyọ̀ǹda ló ti bẹ̀rẹ̀, nínú ìwé tí ayáwó fọwọ́ sí, àmọ́ ó ju dáírẹ́ẹ̀tì débíìtì lọ, torí ó ń wọ báǹkì tí èèyàn ò fi ṣe ọ̀nà ìsanwó. Mi ò tíì rí orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún un. Ní ti «ìgbowó», mo gbà pẹ̀lú olùkọ́.

Ògbufọ̀, Mańṣẹ́sítà:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti yọ «ìsanwó aládàáṣe» kúrò. «Àṣẹ ìfowóránṣẹ́» ni mo máa lò fún owó ilé, màá sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ayálégbé fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yí iye padà bí owó ilé bá yí. Fún iná àti gáàsì, «ìyọ̀ǹda ìgbowó» ni mo kọ sílẹ̀ báyìí. Títí di ọjọ́ Ẹtì ni ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tí kò rùn bí ti agbowó-orí, kó fi ránṣẹ́ kó tó di ìgbà náà.