Própẹ́là ọkọ̀ wa gbá kùkùté ní Aṣejírè: ṣé kí n ní kí wọ́n jó o ni, àbí kí n ra òmíràn?

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹgbẹ́dà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ọkọ̀ onípákó kan ní Aṣejírè tó ń lo ẹ́ńjìnnì 40, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń tù ú. Oúnjẹ ẹja la fi ń kó lọ, ẹja tútù la fi ń kó bọ̀. Nígbà tí omi fà ní ọ̀gbẹlẹ̀, própẹ́là gbá ọ̀kan nínú àwọn kùkùté igi tó ti wà nísàlẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun níbẹ̀. Bíléèdì kan nínú mẹ́ta tẹ̀ létí, ó sì kán díẹ̀. Ọmọ yẹn fi òòlù lù ú padà, ó fi fáìlì rà á, ó sì ń lò ó lọ.

Láti ìgbà náà, bó bá ti fún un níná dé ìdajì, ìdí ọkọ̀ á máa gbọ̀n, ọwọ́ tó fi di ìtukọ̀ mú á kú tipiri. Ariwo kan tún wà lábẹ́ omi bí ìgbà tí èèyàn ń da òkúta wẹ́wẹ́ sínú garawa. Ẹ́ńjìnnì ń ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ ọkọ̀ ò sáré: GPS orí fóònù tó máa ń fi 30 kìlómítà ní wákàtí hàn kò kọjá 22 mọ́. A yọ própẹ́là wò. Ojú bíléèdì yẹn tó kọ sí iwájú ọkọ̀ ti di págunpàgun, ihò wínníwínní ló kún ibẹ̀, ọ̀dà ti ṣí kúrò.

Wẹ́dà kan ní òun á jó o. Ẹni tó ń ta própẹ́là l'Ékòó ní kí n kúrò lórí píìṣì 13, kí n gba 15, pé ọkọ̀ á fò. Èwo ni kí n ṣe? Owó méjèèjì kì í ṣe kékeré.

Wẹ́dà Agodi Gate

Ìyá, afẹ́fẹ́ ló ń kó sí própẹ́là yín. Ohun tí wọ́n ń pè ní kafitéṣọ̀n nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ díẹ̀ sínú omi, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọlé, ihò yẹn ò sì ní pọ̀ sí i. Ti bíléèdì, ẹ gbé e wá, gáàsì ágọ́nì ni mo fi ń jó àlùmíníọ̀mù. Máa gbé e kọ́ orí irin tẹ́ẹ́rẹ́, máa ra apá tó bá wúwo títí yóò fi dọ́gba. Gbígbọ̀n parí.

Bàbá Dókì

Wẹ́dà, o gbìyànjú, ṣùgbọ́n nǹkan méjì lo so pọ̀. Própẹ́là a máa fa afẹ́fẹ́ lóòótọ́, pàápàá bí ọkọ̀ bá ń yí tàbí tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì ga jù. Bó bá fà á, ẹ́ńjìnnì á ké lójijì, ọkọ̀ á dẹwọ́, yóò sì padà bọ̀ sípò bí o bá dín iná kù. Afẹ́fẹ́ yẹn kì í jẹ irin.

Ohun tó ń jẹ irin ni omi fúnra rẹ̀ tó ń hó, òun gan-an ni kafitéṣọ̀n. Afẹ́fẹ́ ayé tó tẹ omi mọ́lẹ̀ ni kì í jẹ́ kó hó kó tó gbóná dé 100. Bí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn bá lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí ìdá kan nínú 25, omi Aṣejírè á hó bó ṣe tutù yẹn. Própẹ́là lè ṣe é, torí pé bí bíléèdì ṣe ń ti omi sẹ́yìn ló ń fà á ní ojú kejì. Níbi tí ìfà náà bá ti le jù, àpò oru kéékèèké á yọ. Ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́. Bí wọ́n bá ti sún kan ibi tí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ti padà sípò, wọ́n á wó wọnú ara wọn, omi á sì gbá irin ní ojú kan ṣoṣo, léraléra. Òun ni ariwo òkúta wẹ́wẹ́ tí Ìyá ń gbọ́, òun náà ló ń gbẹ́ ihò. Ìdí nìyẹn tí ihò fi wà lójú iwájú, kò sì sí lójú ẹ̀yìn tó ń ti omi.

Etí tó tẹ̀ tàbí tó rí págunpàgun ló ń dá a sílẹ̀ níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀, torí omi tó yẹ kó rọra gba ara bíléèdì kọjá á já kúrò lára rẹ̀ níbẹ̀. Bíléèdì tó bá sì ti wà nínú oru kò rí omi tó máa tì mọ́. Ẹ́ńjìnnì á fúyẹ́, á ké, ọkọ̀ á wà lójú kan.

Fọ́tò Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Própẹ́là dúróònù mi náà kán létí nígbà tí mo ń ya ìgbéyàwó kan lọ́wọ́, fídíò wá ń gbọ̀n. Ṣé kafitéṣọ̀n yìí náà ni?

Bàbá Dókì

Rárá o, ọmọ mi. Afẹ́fẹ́ ni tìrẹ ń tì, afẹ́fẹ́ ò ní ohun tí yóò hó. Gbígbọ̀n nìkan ni tiyín fi jọra. Pààrọ̀ rẹ̀, má wulẹ̀ lẹ̀ ẹ́.

Kápẹ́ńtà Ọkọ̀ Eléyẹlé

Kí Ìyá tó náwó, ẹ wo rọ́bà inú própẹ́là. Ti èmi gbá òkúta, bíléèdì ò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n rọ́bà àárín já. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò lọ. A tú kabirétọ̀ sílẹ̀ lórí asán.

Bàbá Dókì

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ìyá, kí ọmọ fi ọ̀dà fa ìlà kan tààrà láti ara irin àárín kọjá sí ara própẹ́là, kí ó wà á níná púpọ̀ díẹ̀, kí ó wá wò ó. Bí ìlà bá pín sí méjì, rọ́bà ń yọ̀ ni. Bí kò bá pín, bíléèdì lẹ ń bá jà.

Ẹ tún wọn bíléèdì. Própẹ́là ń wọnú omi bí bóòtù ṣe ń wọnú nọ́ọ̀tì. Píìṣì 13 ni pé bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ kó wọlé ní íǹṣì 13, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 33. Ẹ da própẹ́là délẹ̀ lórí tábìlì tó tẹ́jú. Ẹ yàwòrán òbíríkítí abẹ́ rẹ̀ sórí páálí, kí ó jìnnà sí àárín ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ fi irin ìwọ̀n-igun ọmọ iléèwé pín 40 nínú 360 lórí rẹ̀ lábẹ́ bíléèdì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọn bí bíléèdì ṣe ga sókè tábìlì ní ìbẹ̀rẹ̀ 40 yẹn àti ní òpin rẹ̀, ẹ yọ kékeré nínú ńlá. Ẹ fi 9 sọ ohun tó bá kù di púpọ̀, píìṣì bíléèdì náà nìyẹn. Mìlímítà kan tí ẹ bá ṣì wọ̀n á yí i ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta íǹṣì, ẹ fara balẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹgbẹ́dà

Bàbá, ẹ ṣeun. Ìlà ò pín. Ọmọ mi tó wà ní Pólì ló bá wa wọ̀n ọ́n. Bíléèdì kìíní sẹ̀ǹtímítà 3.7, ìkejì 3.6, èyí tó tẹ̀ 3.1.

Bàbá Dókì

Ẹ wò ó ná. 3.7 lọ́nà 9 jẹ́ 33.3, ìyẹn íǹṣì 13 àti díẹ̀. 3.6 jẹ́ 32.4, kò burú. Ṣùgbọ́n 3.1 jẹ́ 27.9: íǹṣì 11 péré. Ọmọ náà lù ú jù. Bíléèdì méjì fẹ́ lọ 33 nígbà tí ìkẹta fẹ́ lọ 28, orí ṣáfúùtù kan náà ni wọ́n sì wà. Ìtì ọwọ́ kan á wá kéré ju ti ìyókù, ṣáfúùtù á sì máa tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún ní gbogbo ìyípo.

Wẹ́dà, ibi tí mi ò ti gbà fún ọ nìyí. Bí o bá rà á títí tí ìwúwo fi dọ́gba lórí irin, yóò dúró jẹ́ẹ́ níbẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, yóò sì tún gbọ̀n nínú omi, torí orí irin yẹn ò mọ píìṣì.

Wẹ́dà Agodi Gate

Mo gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní bíléèdì tó dára láti fi wò, mo lè fi iná rọ̀ ọ́ kí n tẹ̀ ẹ́ bọ̀ sí 3.7. Mo ti ṣe é fún àwọn kan tó ń wa ọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ṣì ń lò ó.

Bàbá Dókì

Ó ṣeé ṣe. Àlùmíníọ̀mù tí wọ́n ti fi òòlù lù ní tútù, tí wọ́n tún fi iná rọ̀, èmi ò ní fi ọmọ mi sórí rẹ̀ níbi tí kùkùté pọ̀. Bó bá já, ó já nìyẹn. Kí Ìyá tọ́jú rẹ̀ bíi sípíà.

Ti 15 tí wọ́n fẹ́ tà fún yín: ẹ yá própẹ́là 13 tó dára, ẹ di ẹrù yín gan-an, ẹ sì fi míta kékeré tí wọ́n ń wé mọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì ka ìyípo ẹ́ńjìnnì níná tó kún. Ẹ tún wo ohun tí GPS sọ.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹgbẹ́dà

A yá ọ̀kan. Kò gbọ̀n rárá, ariwo yẹn lọ. Pẹ̀lú ẹrù, míta kà 4,300, GPS kà 29. Ìwé ẹ́ńjìnnì ní 4,500 sí 5,500 ni ó yẹ. Gíà rẹ̀ ń pín ìyípo sí méjì.

Bàbá Dókì

Ó yé mi. 4,300 lára ẹ́ńjìnnì jẹ́ 2,150 lára própẹ́là. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 33 sọ ọ́ di púpọ̀, ó ń lọ sí 42.6 kìlómítà ní wákàtí bí omi bá le bí igi. Ẹ rí 29, ìyẹn ni pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ń yọ̀ dànù. Ọkọ̀ ẹrù ni, kò yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò dé 4,500 rárá: 13 gan-an ti wúwo jù fún un. Íǹṣì kan tí ẹ bá fi kún píìṣì máa ń mú nǹkan bí 150 sí 200 kúrò nínú ìyípo. 15 á fà á wá sí 4,000. Epo púpọ̀, agbára díẹ̀, ọkọ̀ á tún lọ́ra ju ti ìsinsìnyí. Bí ọkọ̀ bá sì lọ́ra tí bíléèdì dagun jù, yóò máa gbá omi láìrọra, ìfà á le, omi á tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó lára própẹ́là tuntun.

Ẹ ra 11. Yóò gbé e sí bíi 4,650 pẹ̀lú ẹrù. Àléébù rẹ̀ ni pé lófìfo, ó lè kọjá 5,500, kí ọmọ má fún un níná tán nígbà tí kò bá sí ẹrù.

Kápẹ́ńtà Ọkọ̀ Eléyẹlé

Èmi á ní 12, Bàbá. Ìdajì ìrìn wọn ni wọn kì í rù.

Bàbá Dókì

Mi ò lè bá ọ jà lórí ìyẹn, ẹni tó ń wà á ni yóò sọ. Ìyá, kí ẹ tó fi èyíkéyìí sí i, ẹ ní kí wọ́n tú ọ́ìlì gíà wò. Gbígbọ̀n yẹn ti pẹ́, ó sì máa ń ba ọ́ìlì-síìlì jẹ́. Kí wọ́n tún di wáyà kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣáfúùtù, kí wọ́n fi ọwọ́ yí i pẹ̀lú gíà ní àárín. Bí àlàfo tó wà láàárín wọn bá ń fẹ̀ tó sì ń fún, ṣáfúùtù ti tẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹgbẹ́dà

Ṣáfúùtù yí dáadáa. Ọ́ìlì tó jáde funfun bí ògì, wọ́n sì rí okùn àwọ̀n tó wé mọ́ ibi síìlì. Mo ti ní kí wọ́n má gbé e sómi títí a ó fi pààrọ̀ síìlì. Ti 11 àbí 12, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní 12, èmi ní 11, torí èmi ni mo ń ra epo.