Sílàìdì tí a fi sílẹ̀ fún àwọn tí a kò ní bá sọ̀rọ̀: ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ìwó)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe gàrí tí mo jẹ́ akọ̀wé fún fẹ́ yá owó ní báńkì láti ra ẹ̀rọ tí a fi ń yan gàrí. Ọ̀gá ẹ̀ka báńkì náà ti gbà kí a wá bá òun sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti là á yé wa pé ọwọ́ òun kọ́ ni ìpinnu wà. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ẹ̀yáwó wò ní Ìbàdàn ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn yẹn kò sì ní rí wa sójú. Sílàìdì tí a bá fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá yìí nìkan ni yóò dé iwájú wọn. Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, tàbí tó máa ń gba irú rẹ̀ kà, kí ó jọ̀wọ́ sọ ìrírí rẹ̀ fún wa.

Olùkọ́ Àgbà
Ìmọ̀ràn tèmi kò gùn. Má ṣe kọ ju ìlà mẹ́fà lọ sí ojú ìwé kan, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kí àwòrán sì pọ̀. Bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sójú pátákó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń gbàgbé láti gbọ́ mi, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ìwé kọ. Bí mo ti dín ọ̀rọ̀ kù ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí.

Ayẹ̀wé Ẹ̀yáwó (Abẹ́òkúta)
Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Òótọ́ ni fún kíláàsì, nítorí pé ẹ̀yin fúnra yín wà níbẹ̀ tí ẹ ń sọ̀rọ̀. Ohun tí Akọ̀wé ń béèrè yàtọ̀: kò sí ẹni tí yóò dúró ti ìwé yìí nígbà tí wọ́n bá ń kà á. Bí ó bá kọ ìlà mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì, ìgbìmọ̀ yóò máa méfò ohun tó fẹ́ sọ.

Inú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo wà ní ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù tiwa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń kàwé náà gan-an. Ìwé ẹni púpọ̀ ni ó máa ń wà níwájú wa lọ́jọ́ ìpàdé kan. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà kìíní lọ sí ìkejì. Àkọlé nìkan ni mo kọ́kọ́ ń kà, láti ojú ìwé àkọ́kọ́ títí dé ìgbẹ̀yìn, kí n tó padà sí ibi tó bá mú mi lọ́kàn. Bí àwọn àkọlé náà bá jẹ́ “Nípa Wa”, “Ọjà”, “Ìṣirò Owó”, n kò tíì mọ nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ gbólóhùn tó pé ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí èkejì ń tẹ̀lé àkọ́kọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń rojọ́, mo ti gbọ́ ẹjọ́ olúwarẹ̀ kí n tó dé àárín ìwé.

Ohun kejì ni ojú ìwé àkọ́kọ́. Àwòrán ilé iṣẹ́ àti orúkọ ẹgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kún un. Èmi ń fẹ́ rí i níbẹ̀ pé èló ni ẹ ń béèrè, kí ni ẹ fẹ́ fi rà, inú èrè wo ni ẹ ó ti san án padà, àti pé ìgbà wo ni yóò tán. Bí mo bá dáwọ́ kíkà dúró síbẹ̀, ó yẹ kí n lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yín fún ẹni tó jókòó tì mí.

Ọmọ Ìlọrin
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà tó rọrùn wà. Ní ìsàlẹ̀ sílàìdì kọ̀ọ̀kan nínú PowerPoint, àyè wà tí a ń kọ ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ sí. Mo kọ gbogbo ohun tí mo ní láti sọ síbẹ̀, mo fi ṣọwọ́ sí ọ̀gá mi tó wà ní ìrìn-àjò, ó sì yé e yékéyéké. Nítorí náà, ẹ má ṣe yí sílàìdì padà rárá. Ẹ ṣáà kọ ọ̀rọ̀ yín sísàlẹ̀.

Ayẹ̀wé Ẹ̀yáwó (Abẹ́òkúta)
Ibi tí o ti tọ̀nà, àbúrò, ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Ọ̀gá rẹ rí i nítorí pé fáìlì PowerPoint náà gan-an ló ṣí, ó sì mọ̀ pé nǹkan wà nísàlẹ̀. Bí o bá sọ ọ́ di PDF lọ́nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà ṣe é, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kì í bá a lọ, àfi bí o bá dìídì yàn pé kó tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú rẹ̀. PDF sì ni ó yẹ kí Akọ̀wé fi ránṣẹ́, nítorí pé bí lẹ́tà tí ẹ fi kọ ọ́ kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń kà á, òmíràn ni yóò gbapò rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì yọ kúrò nínú àpótí rẹ̀. Mo ti gba ìwé tí àmì ohùn Yorùbá inú rẹ̀ di àpótí òfìfo. Ojú sílàìdì ni kí ọ̀rọ̀ náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ń ṣàlàyé.

Ẹnjiníà Houston
Ọ̀rọ̀ àkọlé tí Ayẹ̀wé sọ yìí rán mi létí ohun kan tí wọ́n fi kọ́ wa níbi iṣẹ́ níhìn-ín. Ní oṣù Kìíní ọdún 2003, nígbà tí Columbia, ọkọ̀ tí NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, fi ń gbé ènìyàn lọ sí gbalasa òfuurufú, ń gbéra, fóòmù já lára táǹkì rẹ̀, ó sì gbá apá òsì rẹ̀. Bí àwọn arìnrìn-àjò náà ti wà lókè lọ́hùn-ún ni àwọn ẹnjiníà ń ṣe ìṣirò nílẹ̀ bóyá ewu wà, sílàìdì ni wọ́n sì fi gbé àbájáde rẹ̀ kalẹ̀. Àkọlé ojú ìwé kan nínú rẹ̀ ń fi ọkàn ẹni balẹ̀, ohun tó jọ pé ìṣirò àwọn ti fi àyè sílẹ̀ fún ewu. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú lẹ́tà tó kéré, ni wọ́n kọ ọ́ sí pé fóòmù tí wọ́n fi ṣe ìdánwò tẹ́lẹ̀ jẹ́ ínǹṣì kúbíìkì 3, nígbà tí èyí tó gbá ọkọ̀ náà tó 1,920. Ìlọ́po 640 nìyẹn. Ìdánwò náà kò lè sọ nǹkan kan dájú nípa rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì, ọkọ̀ náà tú ká bó ti ń padà bọ̀, àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Sílàìdì kọ́ ló pa wọ́n, n kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà tẹ ojú ìwé yìí sínú ìjábọ̀ wọn ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, wọ́n sì sọ pé kò ṣòro láti rí bí ọ̀gá kan ṣe lè kà á kó má mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Láti ìgbà tí mo ti rí i, ohun tó bá lè yí ìpinnu ẹni tó ń kàwé padà kì í kọjá àkọlé lọ́wọ́ mi.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ìwó)
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ wo ojú ìwé kan nínú tiwa. Àkọlé rẹ̀ ni “Agbára Iṣẹ́ Wa”. Lábẹ́ rẹ̀ ni igi méjì wà nínú àwòrán ìṣirò, búlúù àti àwọ̀ ewé, pẹ̀lú “tọ́ọ̀nù” ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo máa ń fi ẹnu sọ níbẹ̀ ni pé ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù 4 ni àwọn àgbẹ̀ ń gbé wá lóòjọ́, pé agbada wa kò lè yan ju 2 lọ, àti pé a ń ta ìyókù ní tútù fún alágbàtà.

Ayẹ̀wé Ẹ̀yáwó (Abẹ́òkúta)
Ohun tí ẹ ń fi ẹnu sọ yẹn gan-an ni àkọlé yín. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù 4 ni à ń rí gbà lóòjọ́, ṣùgbọ́n 2 péré ni agbada wa lè yan.” Ẹ kọ orúkọ igi kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀, “ohun tó wọlé” àti “ohun tí a yan”, kí a má baà máa wá ìtumọ̀ àwọ̀ kiri, nítorí pé bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aláwọ̀ dúdú tẹ̀ ẹ́, búlúù àti àwọ̀ ewé yín yóò di eérú kan náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà, ẹ kọ gbólóhùn méjì: pé ẹ̀gẹ́ tí a ti hú kì í pẹ́ ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, àti pé ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń tà á fún alágbàtà ní iye tó bá dá.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí n kò fẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ yín. “Tọ́ọ̀nù” ti kí ni? Ẹ̀yin mọ̀ pé ti ẹ̀gẹ́ tútù ni, ẹ ó sì sọ ọ́ bí wọ́n bá bi yín. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn lè rò pé gàrí ni. Ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́rin sí márùn-ún ló ń di gàrí tọ́ọ̀nù kan, nítorí náà bí ó bá fi iye owó gàrí sọ tọ́ọ̀nù 4 di púpọ̀, owó tí yóò rò pé ó ń wọlé á tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún tòótọ́. Bí ó bá wá dé ojú ìwé owó tí ó rí i pé kò bára mu, yóò rò pé ẹ ń parọ́. Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ àwòrán pé ẹ̀gẹ́ tútù ni, ẹ kọ ìwé tí ẹ ti mú iye náà jáde àti oṣù tí ó kàn.

Ìyá Aránṣọ
Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni Akọ̀wé, mo sì bá wọn ka èyí tí wọ́n tún ṣe lálẹ́ àná. Wọ́n kò sọ nǹkan kan fún mi tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn gbé fóònù fún mi. Mo mọ iye owó náà, mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n mo bi wọ́n pé bí ẹ̀rọ náà bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe, nítorí pé ẹ̀rọ ìránṣọ mi kan ti jókòó kalẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Kò sí níbẹ̀. Lẹ́tà ìsàlẹ̀ àwòrán náà kéré, àfi tí mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́.

Ayẹ̀wé Ẹ̀yáwó (Abẹ́òkúta)
Ẹ ṣeun, Ìyá. Akọ̀wé, ojú ìwé kan nìyẹn o. Ọ̀gá ẹ̀ka náà yóò bi yín ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sí i lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má ṣe fi fáìlì sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ padà sílé, ẹ fi ìdáhùn rẹ̀ kún un, kí ẹ tó fi èyí tó pé ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ kejì. Ìbéèrè tí ọ̀gá bá bi yín, ìgbìmọ̀ náà yóò ní in lọ́kàn, sílàìdì yín nìkan ni yóò sì wà níbẹ̀ láti dáhùn.

Ọmọ Ìlọrin
Nípa lẹ́tà tó kéré lórí fóònù, ṣé kò ní dára kí ó ṣe é ní òòró bí ìwé A4 dípò ìbú? Èmi ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń kà dáadáa.

Ẹnjiníà Houston
Èmi kò gbà. Akọ̀wé tún fẹ́ fi bá ọ̀gá ẹ̀ka sọ̀rọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, òòró kò sì ní kún ojú rẹ̀. Kí ó fi í sílẹ̀ ní ìbú, kí ìwọ̀n lẹ́tà tó kéré jù má ṣe wálẹ̀ ju 14 lọ.

Ayẹ̀wé Ẹ̀yáwó (Abẹ́òkúta)
Orí bébà ni ìgbìmọ̀ tiwa ti ń kà á, sílàìdì méjì lójú bébà kan, nítorí náà ìbú ló rọ̀ wá lọ́rùn. N kò lè sọ ti Ìbàdàn. Akọ̀wé, ẹ bi ọ̀gá náà bóyá wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ jáde ni tàbí orí fóònù ni wọ́n ti ń kà á.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ìwó)
N ó pè é lọ́jọ́ Ajé. Ní báyìí ná, mo ti ń kọ ojú ìwé ẹni tí yóò máa tún ẹ̀rọ ṣe.