Tí zọ́ńbì bá gé ẹ jẹ, ṣé ó ti parí nìyẹn?

Bọ̀dé Àjàṣẹ́: Ẹ kú alẹ́ o. Èmi àti àbúrò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lánàá nítorí fíìmù Korea ti 2016 yẹn, ti inú ọkọ̀ ojú irin. Ẹ rántí ibi tí ọkọ̀ wọ inú ihò, tí ibẹ̀ ṣókùnkùn, tí àwọn zọ́ńbì wá dúró bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú torí wọn ò ríran mọ́. Àbúrò mi ní irọ́ ni, òórùn ni zọ́ńbì ń gbọ́. Ta ló sọ fún un? Òfin wo lẹ̀yin ti gbà gbọ́ kí fíìmù míì tó wá bà á jẹ́?

Ìyá Ìbejì Wàndó: Orí ni wọ́n ń fọ́. Kò sí èyí tó le níbẹ̀.

Zẹ́mì Ṣábẹ̀ẹ́: Bí ajá dìgbòlugi ló rí jàre. Ajá gé èmi jẹ lẹ́sẹ̀ rí, abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi kì í ṣe kékeré, ìyá mi ń wò mí lójú láàárọ̀ láàárọ̀ bóyá mo ti fẹ́ máa gbó 😂 Itọ́ ni, ẹ̀jẹ̀ ni. Nínú fíìmù 28 Days Later, ẹyẹ ń ṣá òkú kan jẹ lókè, ẹ̀jẹ̀ kán sójú bàbá kan tó gbójú sókè, kò pẹ́ rárá, ó ti di ọ̀kan nínú wọn, ó kọjú sí ọmọ ẹ̀. Ta ló gé e jẹ?

Tíṣà Kétu: Ẹ̀gbọ́n Zẹ́mì, ti ẹ̀jẹ̀ yẹn tọ̀nà, àmọ́ àwọn yẹn ò kú o. Alààyè tó lárùn ni wọ́n, ìyẹn ni ebi ṣe ń pa wọ́n kú. Ẹ jẹ́ ká padà sí èyí tí George Romero ṣe ní 1968, torí ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ṣì í gbọ́. Ọmọbìnrin kékeré kan wà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, wọ́n ti gé e jẹ, ibà mú un, ó kú, ó sì dìde. Gbogbo èèyàn wá ní àháà, gígéjẹ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo ìyá ẹ̀. Irin tí àwọn màsọ́ọ̀n fi ń lẹ ṣìmẹ́ǹtì ni ọmọ yẹn fi gún ìyá ẹ̀ pa, kò gé e jẹ. Ìyá yẹn náà dìde, wọ́n ní láti yìnbọn lù ú. Ìyẹn ni pé nínú fíìmù yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti kú tí ọpọlọ ẹ̀ ṣì pé, á dìde. Gígéjẹ kàn ń pa èèyàn ni.

Zẹ́mì Ṣábẹ̀ẹ́: Tí mo bá wá gé apá mi sọnù ńkọ́?

Tíṣà Kétu: Ẹ lè má kú lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dàgbà tẹ́ ẹ kú sórí ibùsùn yín, ẹ ó dìde ṣáá ni.

Ìyá Ìbejì Wàndó: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni orí ni wọ́n ń fọ́, mo ti sọ.

Kọ̀ǹdọ̀: Màmá, ẹ ò tíì rí The Return of the Living Dead ti 1985 nìyẹn. Wọ́n gbá nǹkan mọ́ òkú kan lórí, kò kú, wọ́n rẹ́ orí ẹ̀ kúrò, ara ń sá kiri. Wọ́n gé e wẹ́wẹ́ wọ́n sun ún níná, èéfín ẹ̀ gòkè lọ dòjò, òjò yẹn rọ̀ sí itẹ́ òkú, gbogbo wọn jáde. Gáàsì inú dúrọ́ọ̀mù ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ gan-an. Èmi ò lè sùn, ẹ̀rùn nìkan ni mo tún fẹ́ràn lẹ́yìn ìgbà yẹn 😭

Ìyá Ìbejì Wàndó: Ìyẹn kì í ṣe zọ́ńbì, Èṣù nìyẹn.

Màmá Àjàrá: Ẹ̀yin ọmọ, èyí tí mo mọ̀ kì í ṣe fíìmù. Àbúrò ìyá mi sin ọkọ ẹ̀, wọ́n ṣe òkú tán, ará ilé wa kan wá rí ọkùnrin yẹn ní Kútọnu, ó ń ta pátákó, ó ti fẹ́ ìyàwó míì. Ó kí i lórúkọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọkùnrin ti lọ, ìyàwó ò mọ ibi tó gbà.

Kọ̀ǹdọ̀: Gbèsè ló sá fún 😂

Tíṣà Kétu: Ẹ má fi ṣẹ̀fẹ̀. Akúdàáyà náà ní òfin tiẹ̀: ẹni tó mọ̀ ọ́n kò gbọ́dọ̀ rí i. Kì í gé èèyàn jẹ, kò sì ran ẹnikẹ́ni. Ó jọ ti Àítì, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn apá ibí yìí lọ láyé òwò ẹrú. Zọ́ńbì tibẹ̀, oṣó ló ń jí i fi ṣiṣẹ́ oko, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù eyín ẹ̀, kí wọ́n má sọ òun náà dà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rù. Fíìmù 1932 tó lo ìtàn yẹn, àwọn òkú ló ń yí ẹ̀rọ ìrèké. Wọ́n ní ọ̀gá zọ́ńbì Àítì yẹn ò gbọ́dọ̀ fún un níyọ̀, tó bá tọ́ ọ wò á rántí pé òun ti kú, á padà sí ibojì.

Zẹ́mì Ṣábẹ̀ẹ́: Tí wọ́n bá dé, Kétu ni mò ń sá lọ, inú Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè odi ìlú yẹn.

Bọ̀dé Àjàṣẹ́: Dáhòmì tó wọlé ní 1886 ńkọ́?

Zẹ́mì Ṣábẹ̀ẹ́: Àwọn yẹn ní ọpọlọ. Zọ́ńbì ò ní.

Kọ̀ǹdọ̀: Màmá Àjàrá, ọkùnrin Kútọnu yẹn, ṣé ó ń jẹ iyọ̀?

Màmá Àjàrá: Ìyàwó ní iyán àti ẹ̀gúsí ló fẹ́ràn. Ìwọ, ṣé láìníyọ̀ ni ìyá tìẹ ń se ẹ̀gúsí?