Báwo ni kí n ṣe ṣàlàyé pé 1 + 1/2 + 1/3 + … kò ní òpin?

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, mo kí yín láti Iléṣà. Ó dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lójú pé, níwọ̀n ìgbà tí ìdá tí à ń fi kún àròpọ̀ yìí bá ti ń kéré sí i títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo, àròpọ̀ náà gbọ́dọ̀ dúró síbì kan, bí 1/2 + 1/4 + 1/8 + … kò ṣe lè kọjá 1.

Ẹ̀rí Nicole Oresme, ará Faransé ayé àtijọ́, ni mo lò. Láti 1/5 dé 1/8, ìdá mẹ́rin ló wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tó kéré sí 1/8, nítorí náà àpapọ̀ wọn kò lè dín ní 1/2. Bákan náà, láti 1/(n+1) dé 1/(2n), ìdá n ni, èyí tó kéré jù sì ni 1/(2n). Àpapọ̀ wọn kò lè dín ní 1/2, bó ti wù kí nọ́ńbà n tóbi tó. Bí a bá ń fi ìlàjì kún ìlàjì láìdáwọ́dúró, kò sí iye tí a kò ní kọjá.

Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìṣirò tún ń kó wọn lọ́kàn jẹ, nítorí ìgbà tí a bá ro ìdá 12,367 pọ̀ ni àròpọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọjá 10.

Ṣé kí n fi 1 + 1/4 + 1/9 + … wé e, níbi tí irú ìdìpọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ti lè ju 1/n lọ, àbí ìyẹn yóò tún dà wọ́n rú ni?